Wákàtí Méjìléláàádọ́rin fún Agogo Keje

Mi ò tíì bọ́ báàgì kúrò léjìká tí àtẹ̀jíṣẹ́ ọ̀gá fi wọlé.

"O kú iṣẹ́ o. Ilé ìwòsàn fẹ́ agogo tuntun láago mẹ́sàn-án àárọ̀ Jímọ̀. Mo ti ní kò burú. Kí ìdánwò ti tán kó tó dìgbà yẹn. Ṣé a jọ gbọ́ra wa yé?"

Ọjọ́rú ni, aago mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi ìka kà á láti òní títí dé Jímọ̀, ìka tí mo kà ò pọ̀ tó bí mo ṣe fẹ́.

Agogo orí ibùsùn la ń ṣe. Bọ́tìnì kékeré tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí aláìsàn, tó bá ti tẹ̀ ẹ́, iná á tàn lórí pátákó tó wà níwájú àwọn nọ́ọ̀sì, agogo á dún, wọ́n á mọ ibùsùn tó ń pè. Èmi ni ayẹ̀wò. Ohunkóhun tí àwọn tó ń kọ ètò inú kọ̀ǹpútà bá kọ, ọ̀dọ̀ mi ló gbọ́dọ̀ gbà kọjá kó tó kúrò nílé, orúkọ mi ló sì máa wà nísàlẹ̀ ìwé. Oṣù kẹta mi nìyí níbẹ̀. Jímọ̀ yẹn kan náà ni ọ̀gá máa sọ bóyá wọ́n máa gbà mí pátápátá tàbí kí n máa lọ. Ibi iṣẹ́ tí mo ti kúrò tẹ́lẹ̀, ẹnu ló lé mi jáde. Ìyá mi máa ń sọ pé ẹnu mi máa ń dé ibi iṣẹ́ ṣáájú mi, á ti bá gbogbo èèyàn jà tán kí n tó wọlé.

Nítorí náà mo rọra. Mo tẹ̀ ẹ́ pé: "Ẹ kú iṣẹ́, sà."

Kíá ni lẹ́tà aláwọ̀ eérú yọ níwájú rẹ̀: *Kò sí wàhálà, sà. Á ti tán.*

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Àpótí àtẹ̀jíṣẹ́ tí mò ń lò kì í ṣe tèmi nìkan. Ti àga ni. Ẹni tó bá jókòó sórí àga ayẹ̀wò ló ń lò ó, tó bá dìde, ẹni tó kàn á jogún rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti sọ níbẹ̀. Àpótí náà sì ní àṣejù kan: tí èèyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, á fi lẹ́tà eérú parí rẹ̀ fún un bí wọ́n ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Tí o bá gbà, wàá tẹ kọ́kọ́rọ́ kan, eérú á di dúdú. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ ṣáájú mi ló kọ́ ọ. Àǹtí Á-Ti-Tán ni wọ́n ń pè é. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ nígbà náà ò ju pé ó ti kú, pé aṣọ òtútù rẹ̀ aláwọ̀ ewé ṣì wà lẹ́yìn àga, kò sì sẹ́ni tó ní kí n gbé e kúrò.

Mo pa ọ̀rọ̀ eérú yẹn rẹ́. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá ìdánwò.

Ìsàlẹ̀ ilé ni yàrá náà wà, kò ní fèrèsé. Ibùsùn irin méjìlá ló wà níbẹ̀, tí kò sí tìmùtìmù lórí ọ̀kankan, bí ìgbà tí wọ́n ti ní kí àwọn tó ń sùn níbẹ̀ dìde. Ẹ̀gbẹ́ orí ibùsùn kọ̀ọ̀kan ni agogo kan wà. Iwájú agogo kọ̀ọ̀kan ni ìka irin kékeré kan wà tó máa ń tẹ̀ ẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, iná á sì tàn lórí pátákó ara ògiri. Wákàtí méjìléláàádọ́rin ni ìdánwò, ọjọ́ mẹ́ta gbáko láìdáwọ́ dúró. Kò sí bí èèyàn ṣe lè sáré rẹ̀. Iṣẹ́ tó bá jẹ́ kíkọ, o lè pe èèyàn mẹ́rin kún ara yín. Ta lo máa pè kún wákàtí?

Bàbá Wáyà wà lórí ìkúnlẹ̀ lábẹ́ ibùsùn keje. Òun ló ń so gbogbo okùn iná ilé yẹn, ó ti wà níbẹ̀ kí àwọn tó ni ilé tó dé, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe sọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ sà, Bàbá."

"Ọmọ mi, kú àárọ̀. Fẹ́sẹ̀ jẹ́jẹ́ o, keje ti jí."

Mo wo pátákó. Iná keje ń tàn. A ò tíì tan ìka irin kankan.

"Wáyà ni, àbí?"

"Mo ti pààrọ̀ wáyà lẹ́ẹ̀mẹta." Ó jáde lábẹ́ ibùsùn, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. "Kì í ṣe wáyà."

"Kí wá ni?"

"Èmi oníwáyà lò ń bi? Mo ti ní kì í ṣe wáyà, iṣẹ́ mi tán níbẹ̀."

Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé keje tàn láìsí ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ayẹ̀wò ni mí, ohun tí mo bá rí ni mò ń kọ. Iná náà kú fúnra rẹ̀ bí mo ṣe gbé bírò kúrò lórí ìwé. Láago mọ́kànlá gééré, mo tan ìdánwò. Ìka irin méjìlá tẹ agogo méjìlá lẹ́ẹ̀kan náà, yàrá kún fún ariwo, ó sì dákẹ́.

Mo padà sókè. Mo kọ èsì fún ọ̀gá tọkàntọkàn. Mo gbé kọ̀ǹpútà sọ̀ kalẹ̀ kí Bàbá Wáyà bá mi wò ó.

Ó ti awò ojú rẹ̀ sókè, ó kà á síta: "'Ọ̀gá, ẹ ti ṣèlérí kẹ́ ẹ tó béèrè. Ṣé ẹ̀yin mọ bí wọ́n ṣe ń ki ọjọ́ mẹ́ta bọnú ọjọ́ méjì ni? Tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ wá kọ́ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orúkọ mi ta tẹ́tẹ́.'" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Àtẹ̀jíṣẹ́ lèyí àbí ìpè sí pápá ìjà?"

"Irọ́ wà níbẹ̀ ni?"

"Òótọ́ ni látòkè délẹ̀. Ibi tó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìlà kìíní á ta á létí, á ti fàbínú yọ kó tó dé ibi tí wákàtí wà. Nígbà náà, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ lẹ máa jọ máa sọ, kò sẹ́ni tó máa sọ ọ̀rọ̀ agogo mọ́."

"Ṣé kí n wá máa kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ ni?"

"Ta ló ní kó o kúnlẹ̀? Ṣáà kọ́kọ́ sọ ohun tó o lè fún un, kó o tó sọ ohun tó ò lè fún un. Kó o sì fi nọ́ńbà síbẹ̀. Èèyàn ò lè bínú sí nọ́ńbà pẹ́." Ó dá kọ̀ǹpútà padà fún mi. Ojú rẹ̀ yí padà. "Má ṣe bíi tẹni tó lọ o."

"Kí ló ṣe?"

"Lọ wo ìwé ìdánwò rẹ̀. Ti ọdún tó kọjá. Ka ìlà rẹ̀."

Mo lọ wò ó. Kọ̀ǹpútà ló ń kọ ìwé yẹn fúnra rẹ̀: gbogbo ìgbà tí ìka irin bá tẹ agogo, ìlà kan. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni láàárín wákàtí kan. Fún wákàtí méjìléláàádọ́rin, irinwó ìlà ó lé méjìlélọ́gbọ̀n ló yẹ kó wà fún agogo kọ̀ọ̀kan. Ìwé Àǹtí bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán Túsìdeè, ó parí ní aago méjì ọ̀sán Jímọ̀. Ó pé rẹ́gí. Àmọ́ ọgọ́ta ìlà ló wà níbẹ̀.

Ọgọ́ta. Mo tún un kà. Wákàtí mẹ́wàá péré. Láàárín ìlà ogún àti ìlà kọkànlélógún, ọjọ́ kan fò lọ. Láàárín ogójì àti ọ̀kànlélógójì, ọjọ́ kan àti ààbọ̀ tún fò, ó sì lé díẹ̀. Ó ti ti aago kọ̀ǹpútà síwájú. Kọ̀ǹpútà ò mọ nǹkan kan, ó ṣáà rí i pé Jímọ̀ ti dé, ó ní ìdánwò ti pé.

Mo wá ọ̀rọ̀ tí òun àti ọ̀gá jọ sọ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ọ̀gá kọ ọ́ lọ́jọ́ Túsìdeè pé: "Wọ́n fẹ́ ẹ lọ́la. Ṣé á ti tán?" Ó dá a lóhùn lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógójì: "Kò sí wàhálà, sà. Á ti tán." Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógójì fún gbólóhùn méjì! Kí ló ń ṣe látìgbà yẹn?

Nígbà tí mo padà sí ìsàlẹ̀, Bàbá Wáyà ti jókòó sórí irin ibùsùn kẹfà.

"Ọgọ́ta," ni mo wí.

"Ó dára bó o ṣe mọ̀ ọ́n kà." Kò wo ojú mi. "Àwọn agogo yẹn lọ. Wọ́n ń dún dáadáa. Ọjọ́ kìíní, wọ́n dún. Ọjọ́ kejì, wọ́n dún. Tó bá ti lé ní wákàtí àádọ́ta tí wọ́n ti tàn, wọ́n á yadi. Bọ́tìnì á máa lọ wọlé, á máa bọ̀, iná ò ní tàn. Kò sẹ́ni tó mọ̀, torí kò sẹ́ni tó dúró dé wákàtí àádọ́ta wò ó."

"Àǹtí ńkọ́?"

"Àìsàn gbé e ṣubú lóṣù kẹta lẹ́yìn náà. Ilé ìwòsàn yẹn náà ni wọ́n gbé e lọ. Wọ́ọ̀dù yẹn náà." Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí ibùsùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Nọ́ọ̀sì tó wọlé láàárọ̀ bá àtàǹpàkò rẹ̀ lórí bọ́tìnì. Wọ́n ní kò rọrùn láti yọ ọ́. Wọ́n dá agogo náà padà síbí pé ká yẹ̀ ẹ́ wò. Keje nìyẹn. Èmi ni mo ní kó wà lára àwọn tí a ó máa fi dán ètò tuntun wò. Èyí tó ti yadi rí, òun ni ká kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀."

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n ní kí ilé ìwòsàn máa pa àwọn agogo náà kí wọ́n tún wọn tàn láràárọ̀. Ohun tó gbé wọn dúró títí di òní nìyẹn: ọwọ́ nọ́ọ̀sì tó rántí.

Ìka irin méjìlá tẹ agogo méjìlá. Mo fò sókè bí ọmọ kékeré. Bàbá Wáyà ò rẹ́rìn-ín.

Mo padà sókè, mo jókòó, mo sì kọ ọ́ bí ó ṣe yẹ. Ẹnu mi fẹ́ wọ ìlà kẹta, mo lé e jáde. Gbogbo ìgbà tí mo bá dánu dúró díẹ̀, lẹ́tà eérú á yọ: *Kò sí wàhálà, sà.* Mo pa á rẹ́. *Á ti tán.* Mo pa á rẹ́. Ní ìdajì, mo dìde lọ bu omi mu lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí mo padà, gbogbo ohun tí mo kọ ti lọ. Ọ̀rọ̀ kan ló wà nínú àpótí, dúdú kirimú, ó ku kí wọ́n fi ránṣẹ́: "Kò sí wàhálà, sà. Á ti tán."

Bóyá ìgbọ̀nwọ́ mi ló kan kọ́kọ́rọ́ nígbà tí mò ń dìde. Mo fẹ́ kó jẹ́ ìgbọ̀nwọ́ mi. Apá aṣọ òtútù aláwọ̀ ewé ti yọ́ wá síwájú, ó sinmi sórí ìgbápá àga mi.

"Àǹtí," mo pariwo nínú yàrá òfìfo, "ẹ jọ̀ọ́, àga yìí ti di tèmi. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀."

Mo tún gbogbo rẹ̀ kọ látìbẹ̀rẹ̀, mi ò sì dìde mọ́:

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo mọ̀ pé Jímọ̀ ṣe pàtàkì sí ilé ìwòsàn, mo sì fẹ́ kí wọ́n rí nǹkan gbà lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ náà. Mo ti tan ìdánwò láago mọ́kànlá kí àkókò má baà ṣòfò. Wákàtí 72 ló ń gbà, torí pé lẹ́yìn wákàtí 50 ni àwọn agogo àtijọ́ ń yadi. Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Jímọ̀, 46 la máa ní, a ò ní tíì dé ibi tí àléébù yẹn ti ń yọjú. Ọ̀nà méjì ni mo rí. Àkọ́kọ́: lọ́jọ́ Jímọ̀ ká lọ gbé pátákó àti wáyà kọ́, ká kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì bí wọ́n á ṣe lò ó, ìdánwò á pé láago mọ́kànlá Sátidé, tó bá yege, agogo á wọlé láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ìkejì: kí agogo lọ lọ́jọ́ Jímọ̀ pẹ̀lú ìwé tó sọ ọ́ gbangba pé ìdánwò ò pé, kí wọ́n ṣì máa pa wọ́n kí wọ́n máa tún wọn tàn láràárọ̀. Ìyẹn, ẹ̀yin àti ilé ìwòsàn lẹ máa fọwọ́ sí i, mi ò ní lè fọwọ́ sí i. Àkọ́kọ́ ni mo fara mọ́. Tẹ́ ẹ bá lè jẹ́ kí n mọ èyí tẹ́ ẹ mú kó tó di aago mẹ́rin, mo ṣe tán láti bá yín kọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ fún wọn."

Mo fi í ránṣẹ́.

Ọ̀gá ò dáhùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo gbọ́ lórí àtẹ̀gùn. Ọkùnrin gígùn ni, ó máa ń rìn bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀.

"Mo ti ka ọ̀rọ̀ rẹ. Ó gùn o. Ṣé o ò fẹ́ bá wa ṣiṣẹ́ ni?"

Ẹnu mi dìde. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. "Mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, sà. Ó ti lé ní wákàtí méjì."

"Ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ máa ń ṣe é. Kì í jiyàn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo bó ṣe ṣe é."

Mo ṣí ìwé ọdún tó kọjá sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ka ìlà pẹ̀lú ìka, bí mo ṣe kà á. Mo rí i bí ìka rẹ̀ ṣe dúró láàárín ogún àti ọ̀kànlélógún.

"Ọgọ́ta," ó wí.

"Irinwó ó lé méjìlélọ́gbọ̀n ló yẹ kó jẹ́, sà."

Ó fa àga kan, ó jókòó. Kò tíì jókòó rí nínú yàrá yẹn lójú mi. "Mo bi í. Mo bi í pé ṣé á ti tán." Ó wo aṣọ òtútù lẹ́yìn mi. "Ó ní kò sí wàhálà."

Láti ìsàlẹ̀, agogo dún. Ẹyọ kan ṣoṣo. Kì í ṣe méjìlá.

"Kí nìyẹn?"

"Keje ni, sà."

Ọ̀gá ò bi mí pé ta ló tẹ̀ ẹ́. Ó yọ fóònù, ó gbé àtẹ̀jíṣẹ́ mi síwájú, ó sì pe ilé ìwòsàn níṣojú mi. Ó ka ọ̀nà àkọ́kọ́ fún wọn bí mo ṣe kọ ọ́, kò yọ ohunkóhun, kò fi nǹkan kan kún un. Mo gbọ́ ohùn ẹnì kan tó ń bínú ní òdìkejì. Ọ̀gá ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀bi mi ni, mo ṣèlérí kí n tó béèrè." Nígbà tó parí, ó ní, "Mọ́ńdè. Tó bá yege." Ó sì gun àtẹ̀gùn lọ, jẹ́jẹ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Bàbá Wáyà bá wọn gbé pátákó kọ́ nílé ìwòsàn láàárọ̀, ó ti padà kó tó di ọ̀sán. Ní aago mẹ́sàn-án tí wọ́n fẹ́ kí n fọwọ́ sí i, agogo méjèèjìlá ń dún geere, kò sí àbùkù lára ọ̀kankan. Mo ń wo pátákó, ojú sì ń tì mí díẹ̀. Ká ní mo ti fọwọ́ sí i, ta ló máa dá mi lẹ́bi?

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wákàtí kẹtàléláàádọ́ta. Ìka irin méjìlá nà síwájú. Iná mọ́kànlá tàn.

Ìka keje tẹ bọ́tìnì dé ìdí. Òkùnkùn ni.

"Ó yadi," Bàbá Wáyà wí, bí ẹni ń sọ orúkọ èèyàn.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìkẹta náà yadi. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ìkọkànlá. Kì í ṣe agogo Àǹtí nìkan, ètò tuntun náà ló ní àìsàn àtijọ́ nínú. Bí a bá ti gbé wọn lọ láàárọ̀, ogójì ibùsùn ní ilé ìwòsàn yẹn ni ìbá ní bọ́tìnì tí kò gbọ́ nǹkan kan ní ọ̀sán ọ̀túnla, àwọn nọ́ọ̀sì ì bá sì ti gbà pé àwọn bọ́ lọ́wọ́ pípa àti títàn.

Bàbá Wáyà yọ okùn keje, ó gbé agogo náà sórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Kò sí wáyà lára rẹ̀ mọ́. Lórí pátákó, iná keje tàn rekete. A jọ ń wò ó.

Mo fa kọ̀ǹpútà síwájú kí n jábọ̀ fún ọ̀gá, tí kò tíì sọ bóyá mo máa dúró tàbí kí n máa lọ. Mo tẹ̀ ẹ́ pé: "Ẹ kú iṣẹ́, sà."

Lẹ́tà eérú yọ. Kì í ṣe èyí tí mo mọ̀.

*Kò tíì tán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè sí i.*

Mo wá a nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti jáde nínú àpótí yẹn, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí i. Kò sí níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi í ránṣẹ́ rí, èmi náà ò sì tẹ̀ ẹ́ rí. Àpótí yẹn máa ń kọ́ ohun tí wọ́n bá tẹ̀ títí, ìbáà jẹ́ pé wọ́n pa á rẹ́. Mo rántí ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógójì. Mo rí obìnrin kan lórí àga mi, tó ń tẹ̀ ẹ́, tó ń pa á rẹ́, tó ń tẹ̀ ẹ́, tó ń pa á rẹ́.

Mo tẹ kọ́kọ́rọ́. Eérú di dúdú. Mo fi nọ́ńbà agogo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti wákàtí wọn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo sì fi í ránṣẹ́.

Èsì ọ̀gá wọlé kíákíá: "Ó dáa. Ẹ fara balẹ̀."

*Ẹ.* Ọ̀gá ò fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ rí, àfi bí ẹni pé àwa méjì ló jókòó sórí àga yìí.

Lórí pátákó, iná keje kú.